Ta Ló Ń Jẹ Káàdì Mi? Ìbéèrè àti Ìdáhùn láti Ṣọ́ọ̀bù Káàdì kan ní Àgbádárìgì

Ẹ̀bá ọjà Agbálátá ni mo ti ń ta káàdì àti dátà. Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń gbé wá jù kì í ṣe iye tí mò ń tà á. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni ibi tí káàdì tí wọ́n rà lánàá wọlé sí. Púpọ̀ nínú wọn ti gbà pé nẹ́tíwọ̀kì ló jí i. Nígbà mìíràn ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a sábà máa ń rí ẹnu tó ń jẹ ẹ́. Àwọn ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn nìyí.

Mo fi ₦1,000 sórí fóònù lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ku ₦20, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ló gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi lọ́jọ́ kan. ₦12 ló kù lórí fóònù rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó, mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án lóru." Mo ní kó fi ₦200 sí i, ó di ₦212, a sì jọ dán an wò báyìí.

A kọ́kọ́ pa dátà, ìyẹn bọ́tìnnì tí wọ́n kọ `Mobile data` sí. Mo tẹ *310# láti wo owó ìpè, mo kọ ₦212 sórí bébà. A fi fóònù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a tún tẹ *310#, ₦212 náà ló wà níbẹ̀. A wá ṣí dátà, a gbé fóònù lé orí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn. A pa dátà padà, a tẹ kóòdù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti di ₦167. ₦45 ti lọ lójú wa, a ò pe ẹnìkan, a ò sì wo fídíò kankan.

Dátà ìyá náà ti parí, fóònù wá ń fa owó ìpè láti fi lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ò bá ní dátà tí ẹ rà, tí `Mobile data` sì wà ní ṣíṣí, ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ̀kì kì í ti ilẹ̀kùn. Wọ́n á máa gé owó lára káàdì yín fún ìwọ̀nba tí fóònù bá lò, iye tí wọ́n sì ń gé fún ẹyọ kan lọ́nà yẹn ga ju iye tí ẹ máa san bí ẹ bá ra dátà lọ́tọ̀ lọ. Fóònù ò nílò kí ẹ fọwọ́ kàn án. Wọ́sáàpù ìyá yìí wà nínú gúrúùpù ìjọ, gúrúùpù ẹbí tó wà ní Àjàṣẹ́ àti gúrúùpù ẹlẹ́ja, gbogbo fọ́tò àti fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóru ló ń wọlé fúnra rẹ̀.

Ìdánwò yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà. Bí owó bá ń lọ nígbà tí dátà ṣí nìkan, dátà ni. Bí ó bá ń lọ nígbà tí dátà wà ní pípa, ẹ wo àkókò tó ń lọ. Tó bá jẹ́ wákàtí kan náà lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ kan tí ẹ ti forúkọ sí ni. Tó bá jẹ́ ní kété tí ẹ fi káàdì sí i, gbèsè ni. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ tẹ kóòdù báǹkì, owó kóòdù ni. Màá sọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n mo tẹ *323#, ó ní 400 MB ṣì kù. Báwo ni dátà ṣe parí?

Ìyá ẹlẹ́ja yẹn náà bi mí bẹ́ẹ̀, nítorí nọ́ńbà yẹn ló rí lọ́jọ́ tó ṣáájú. Iye tó kù nìkan ló kà, kò ka ọjọ́ àti aago tó wà níwájú rẹ̀. Dátà ọlọ́jọ́ kan ló rà ní aago 6:40 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ní aago 6:40 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyókù kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ìgbà tó sì fi ₦1,000 sí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kò sí dátà kankan tó dúró níwájú káàdì náà mọ́.

Ọ̀nà méjì ni dátà fi ń parí, kí ẹ lò ó tán tàbí kí ọjọ́ rẹ̀ pé. Èkejì ló ń mú ènìyàn lójijì. Ẹ tún mọ̀ pé "ọjọ́ kan" kì í túmọ̀ sí nǹkan kan náà lórí gbogbo dátà. Òmíràn ń ka wákàtí 24 láti ìṣẹ́jú tí ẹ rà á, òmíràn sì ń parí ní aago 12 òru ọjọ́ tí ẹ rà á, ì báà jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ẹ rà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé lẹ́yìn tí ẹ rà á ló máa sọ ọ́. Ẹ má pa á rẹ́ títí dátà náà fi máa tán.

Bí ọjọ́ bá fẹ́ pé tí dátà ṣì pọ̀, ọ̀pọ̀ dátà ni ìyókù rẹ̀ máa ń ṣí lọ sórí tuntun bí ẹ bá tún un rà kí àkókò náà tó kọjá. Bí ó bá ti kọjá, ẹ lè pàdánù rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tún un rà, ẹ má dúró dé ìṣẹ́jú ìkẹyìn.

Kóòdù wo gan-an ni kí n mọ̀ sórí? Kóòdù ti pọ̀ jù.

Ó ti dín kù. Tẹ́lẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, ti pàṣẹ pé kí gbogbo wọn máa lo kóòdù kan náà, wọ́n sì fún wọn di ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 2023. Bóyá MTN lẹ ń lò, tàbí Airtel, Glo, tàbí T2 tó ń jẹ́ 9mobile tẹ́lẹ̀, àwọn wọ̀nyí ni:

```
*310#       iye owó ìpè tó kù
*323#       iye dátà tó kù
*312#       láti ra dátà
*311*PIN#   láti fi káàdì sí i
*303#       láti yá káàdì
*305#       láti dá iṣẹ́ dúró
*321#       láti pín fún ẹlòmíràn
300         láti pe ilé iṣẹ́ náà
```

Níbi tí mo kọ PIN sí, nọ́ńbà tí ẹ họ lórí káàdì lẹ máa fi sí i. Ẹ họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn èékánná. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ họ ọ́ á gé nọ́ńbà mọ́ ọn. Bí nọ́ńbà kan bá bàjẹ́, ẹ má gbà á yẹ̀wò léraléra, nítorí nẹ́tíwọ̀kì lè dí yín lọ́nà pé ẹ kò gbọdọ̀ fi káàdì sí i fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbé káàdì náà padà síbi tí ẹ ti rà á, nọ́ńbà tó wà létí rẹ̀ tí a kò họ ló máa ràn wá lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ méjì péré, ẹ kọ́ *310# àti *323#. Ẹni tó bá mọ méjèèjì ti lè ṣe ìdánwò tí mo sọ lókè.

Báwo ni mo ṣe lè ṣe é kí dátà má jẹ owó ìpè mi mọ́?

Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ pa `Mobile data` nígbà tí ẹ kò bá lò ó, pàápàá lálẹ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹni tó ń retí oníbàárà lórí Wọ́sáàpù. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ dí ẹnu àwọn tó ń jẹun púpọ̀.

Wọ́sáàpù ni ẹ máa kọ́kọ́ bá. Ẹ lọ sí `Settings`, kí ẹ wọ `Storage and data`, ẹ máa rí `Media auto-download`. Lábẹ́ `When using mobile data`, ẹ yọ àmì kúrò lára fọ́tò, ohùn, fídíò àti ìwé, gbogbo wọn pátá. Láti ìsinsìnyí lọ, fídíò kò ní wọlé àfi bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ lásán kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè kọ̀wé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó má tó dátà fídíò kan tí kò tilẹ̀ gùn.

Lẹ́yìn náà, Play Store. Ó máa ń tún àwọn áàpù ṣe fúnra rẹ̀, ẹyọ áàpù kan sì lè kọjá 100 MB. Ẹ fọwọ́ tẹ fọ́tò yín lókè, ẹ lọ sí `Settings`, `Network preferences`, `Auto-update apps`, kí ẹ yan `Over Wi-Fi only`.

Ẹ̀kẹta ni ààlà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, nínú ètò síìmù, ibì kan wà tí wọ́n kọ `Data warning & limit` sí. Bí ẹ bá ra 1 GB, ẹ fi 950 MB kún iye tí fóònù kọ pé ẹ ti lò láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ẹ fi àpapọ̀ rẹ̀ ṣe ààlà. Bí fóònù bá dé ibẹ̀, yóò pa dátà fúnra rẹ̀ kó tó dé orí owó ìpè. Mo ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìṣirò fóònù àti ìṣirò nẹ́tíwọ̀kì kì í bára mu délẹ̀délẹ̀. Ààlà yìí ò mọ nǹkan kan nípa ọjọ́ tó pé, iye ló ń kà. Ẹni tó ra dátà ọlọ́jọ́ kan ṣì gbọ́dọ̀ fi aláàmù sí aago tó máa parí, kó sì pa dátà nígbà tó bá dún.

Ẹ tún lè pe 300, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè dí owó ìpè yín kí dátà má lè fà á. Bí wọ́n bá ní i, ẹ ní kí wọ́n ṣe é fún yín.

Dátà mi wà ní pípa, síbẹ̀ ₦50 ń lọ ní gbogbo òwúrọ̀. Kí nìyẹn?

Iṣẹ́ kan wà lórí nọ́ńbà yín. Ó lè jẹ́ orin tí àwọn tó ń pè yín ń gbọ́, ìròyìn bọ́ọ̀lù, àdúrà òwúrọ̀ tàbí eré ìdíje. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń sanwó rẹ̀ ò mọ ìgbà tí àwọn wọ inú rẹ̀. Ní kété tí ìpè bá parí, àpótí kan máa ń hàn lójú fóònù, ẹni tó ń kánjú a tẹ `OK` láti lé e lọ, ó ti gbà nìyẹn.

Ẹ wá àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa ń wọlé ní àkókò tí owó náà ń lọ. Nọ́ńbà kúkúrú ló sábà máa ń fi í ránṣẹ́, ọ̀nà ìdádúró rẹ̀ sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tẹ *305#, ẹ ka ohun tó bá hàn, kí ẹ dá a dúró. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tẹ *310# ṣáájú wákàtí yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí owó bá ṣì lọ, ẹ pe 300, ẹ sọ ọjọ́ àti aago fún wọn.

Àwọn kan máa ń gbọ́ pé kí wọ́n fi `STOP` ránṣẹ́ sí 2442. Ó dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ìpolówó tí ẹ kò béèrè fún ni 2442 ń dí. Èyí tí ẹ ti wọ inú rẹ̀ ṣáájú, àfi kí ẹ dá a dúró lọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gba irú ìpolówó kan kí ẹ kọ ìyókù, ẹ fi `HELP` ránṣẹ́ síbẹ̀.

Dátà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń ra dátà lórí *312#, wọ́n sábà máa ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ kí ó máa tún ara rẹ̀ rà, tàbí ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ yan ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyá ẹlẹ́ja tí mo sọ ṣáájú ti yan èkíní láìmọ̀ nígbà kan rí, káàdì tó fẹ́ fi pe oníbàárà rẹ̀ ní Sèmè ló di dátà.

Ṣé ó burú láti yá káàdì?

Kò burú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì. Ẹ sáà mọ iye tó ń ná yín. Iye tó wọ́pọ̀ ni ₦15 lórí ₦100, wọ́n sì máa ń yọ ọ́ ṣáájú. Ẹni tó yá ₦1,000 á rí ₦850 gbà, ₦1,000 ló máa san. Ẹ ka ohun tó hàn lójú fóònù kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìṣòro gidi wà nínú kékeré tí a ń yá lójoojúmọ́. Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà kan máa ń yá ₦200 lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. ₦30 ń lọ lórí ìkọ̀ọ̀kan, ₦150 lọ́sẹ̀ kan, ó lé ní ₦600 lóṣù. Lọ́jọ́ tó bá wá fi ₦200 sí i, odindi ₦200 náà ni wọ́n gbé mì, ó tún di dandan kó yá òmíràn. Mo ní kó san gbèsè kan ṣoṣo pẹ̀lú ₦500, kó máa fi ₦300 tó kù ṣiṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ló jáde nínú rẹ̀.

Mo fi kóòdù báǹkì ra káàdì. Kí ló dé tí owó ìpè mi tún dín kù?

Láti oṣù Kẹfà 2025 ni owó kóòdù báǹkì ti kúrò lára àkáǹtì, tó wá ń lọ lára owó ìpè. ₦6.98 ni fún ìṣẹ́jú méjì, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 120. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ìyọ̀ǹda yín lójú fóònù. Ẹni tó ń rìn nínú kóòdù náà láìyára, tó ń wá ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, á kọjá ìṣẹ́jú méjì, á sì tún san ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà àti iye sílẹ̀ níwájú yín. Kí ẹ sì máa fi owó ìpè díẹ̀ sílẹ̀ lórí laini, nítorí ẹni tó jẹ gbogbo rẹ̀ tán pátápátá ò ní rí èyí tí wọ́n máa gé.

Ìgbà mẹ́wàá ₦100 lọ́nà yìí á ná yín ₦69.80. Ẹ̀ẹ̀kan ₦1,000 á ná yín ₦6.98. Àwọn tó ń ra kékeré kékeré ni owó náà ń dùn jù.

Báǹkì ti gé owó, káàdì ò wọlé. Ṣé kí n tún un tẹ̀?

Ẹ má tún un tẹ̀. Èmi gan-an tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ ₦2,000. Nẹ́tíwọ̀kì ń fà. Lóru, ₦6,000 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà sórí fóònù mi, owó tí mo fẹ́ fi ra ọjà sì ti lọ nínú àkáǹtì. Báǹkì ní iṣẹ́ àwọn ti parí dáadáa, òótọ́ sì ni, èmi ni mo béèrè lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ *310#, nítorí owó lè ti wọlé kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó dé. Ẹ dúró. Bí kò bá wọlé, ẹ di àtẹ̀jíṣẹ́ ìgéowó mú, pẹ̀lú ọjọ́, aago, iye àti nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ pe báǹkì, lẹ́yìn náà 300. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ alápọ́ọ̀sì lẹ ti rà á, ẹ má kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi rí i lórí fóònù yín.

Èèyàn mi wà ní Àjàṣẹ́, ibùsọ̀ díẹ̀ ni sí wa. Kí ló dé tí ìpè rẹ̀ ń jẹ owó tó bẹ́ẹ̀?

Ààlà ilẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì ń wò, kò ka bí ibẹ̀ ṣe súnmọ́. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +229 jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Benin, ìpè òkè-òkun ló jẹ́ lójú nẹ́tíwọ̀kì, ì báà jẹ́ láti Kwémè lẹ ti ń pè é. Bọ́nọ́ọ̀sì àti ìṣẹ́jú ọ̀fẹ́ kì í sábà kàn án, owó gidi ló ń jẹ. Ẹ tún rántí pé láti òpin oṣù Kọkànlá 2024 ni nọ́ńbà Benin ti di mẹ́wàá, wọ́n fi 01 sí iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà àtijọ́ tí ẹ tọ́jú sínú fóònù kò ní lọ mọ́. Fún ẹbí, ẹ máa lo ìpè ohùn orí Wọ́sáàpù nígbà tí ẹ bá ní dátà. Ìwọ̀nba MB ló ń jẹ.

Ewu kejì ni kí fóònù yín fúnra rẹ̀ ré ààlà kọjá. Lẹ́bàá Sèmè, fóònù lè gbá nẹ́tíwọ̀kì Benin mú bí tiwa bá rẹ̀yìn. Ẹ máa rí `R` lókè lójú fóònù tàbí orúkọ nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ kò mọ̀. Bí rómíìnì bá ṣí sílẹ̀ lórí síìmù yín, dátà tí ẹ rà níbí ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àfi èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ìrìnàjò, ìpè tí ẹ gbà pàápàá lè jẹ owó. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sí Sèmè, ẹ pa `Roaming`. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ààlà lè pa `Automatically select network`, kí wọ́n yan nẹ́tíwọ̀kì tiwọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá wá dé Àgbádárìgì padà tí fóònù kò gbé nẹ́tíwọ̀kì, ẹ tún un ṣí.

Dátà ọlọ́jọ́ kan, ọlọ́sẹ̀ tàbí olóṣù, èwo ni kí n rà?

Ẹ wo ìwọ̀n tí ẹ ń jẹ, ẹ má wo iye owó nìkan. Nínú ètò síìmù, fóònù yóò sọ iye tí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù àti áàpù tó jẹ ẹ́. Ẹ pín in sí ọjọ́ tó ti kọjá. Ká ní ẹ jẹ 3 GB ní ọjọ́ 20, ó jẹ́ bíi 150 MB lójúmọ́, nǹkan bíi 1 GB lọ́sẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá ń ra 1 GB ọlọ́jọ́ kan ń da èyí tó pọ̀ nù lójoojúmọ́. Ọlọ́sẹ̀ tàbí olóṣù ló bá a mu. Ẹni tó kàn fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Àìkú ni ọlọ́jọ́ kan wà fún.

Mo ti pe 300 títí, wọn ò dáhùn ẹjọ́ mi. Ibo ló kù?

NCC ní nọ́ńbà 622 fún ìyẹn. Wọ́n á béèrè bóyá ẹ ti kọ́kọ́ bá nẹ́tíwọ̀kì yín sọ̀rọ̀, nítorí náà nígbà tí ẹ bá pe 300, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ náà. Bébà tí ẹ kọ iye *310# sí ṣáájú àti lẹ́yìn, ẹ gbé e wá síwájú yín kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà.